Kúrọ́ọ̀sì nínú ìdánwò Òfin Ẹ̀rí: àgbọ́sọ, ìwé ọlọ́pàá àti ẹlẹ́rìí tó yí ohùn padà

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kẹrin

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi nídìí iṣẹ́ òfin. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí la máa ṣe ìdánwò Òfin Ẹ̀rí, kì í sì í ṣe ti ìwé kíkọ. Kóòtù àfiṣe ni. Olùkọ́ wa ló máa jókòó bí adájọ́, akẹ́kọ̀ọ́ láti kíláàsì mìíràn ló máa ṣe ẹlẹ́rìí, wọ́n sì ti fún un ní ìwé tirẹ̀ tí àwa ò rí. Ìṣẹ́jú 12 péré ni mo ní láti ṣe kúrọ́ọ̀sì fún un, ìyẹn láti bi ẹlẹ́rìí tí ìhà kejì pè léèrè. Ìhà olùjẹ́jọ́ ni mo wà.

Bí ẹjọ́ náà ṣe rí nìyí. Wọ́n ní olùjẹ́jọ́ jí jẹnẹrétọ̀ kékeré kan gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù lóru. Ẹlẹ́rìí kìíní jẹ́ télọ̀ tó ń gbé ní òdìkejì títì. Yóò sọ fún agbẹjọ́rò ìjọba pé òun gbọ́ tí ìyá ẹlẹ́kọ àdúgbò ń ké "Olè! Olè!", pé òun sáré jáde, òun sì rí ojú olùjẹ́jọ́ kedere lábẹ́ iná gílóòbù. Yóò tún ní nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá ẹlẹ́kọ sọ fún òun pé olùjẹ́jọ́ gan-an ló gbé jẹnẹrétọ̀ náà lé èjìká. Ìyá ẹlẹ́kọ yìí ò sí lára àwọn tí ìjọba máa pè.

Àmọ́ sítétímẹ́ǹtì tí télọ̀ ṣe ní tẹ́ṣàn lọ́jọ́ kẹta wà nínú fáìlì wa, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé: "Kò sí iná lóru ọjọ́ náà. Ẹ̀yìn ọkùnrin náà ni mo rí." Ó tún wà nínú fáìlì pé olùjẹ́jọ́ jẹ télọ̀ lówó ìránṣọ, àti pé ọlọ́pàá mú télọ̀ fúnra rẹ̀ nígbà kan rí lórí aṣọ tí wọ́n jí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò dé kóòtù.

Ibo ni kí n ti dìde takò? Báwo ni kí n ṣe lo ìwé ọlọ́pàá yẹn? Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa kan ń pariwo "mo takò ó" ní gbogbo ìlà, máàkì rẹ̀ ò dára rárá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Àbúrò, èyí ò le. Ibikíbi tí ẹlẹ́rìí bá ti ní "wọ́n sọ fún mi" tàbí "mo gbọ́ tí lágbájá ní", àgbọ́sọ ni. Dìde, dárúkọ abala 38 Òfin Ẹ̀rí 2011, kí o jókòó. Ti "Olè! Olè!" àti ti àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìkan náà ni wọ́n. Má jẹ́ kó kọjá.

Lọ́yà Ṣẹ́rí

Ọmọ Ìjẹ̀bú, ìdajì ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà, ìdajì kejì ló sì máa jẹ máàkì ọmọ yìí. Kí a tó dé abala 38 tó lé àgbọ́sọ jáde, abala 37 ló sọ ohun tí àgbọ́sọ jẹ́, gbólóhùn tó ṣe pàtàkì sì wà ní ìparí rẹ̀: kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ náà wá láti fi hàn pé ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn sọ ni àgbọ́sọ. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ni adájọ́ ń wò.

Ẹjọ́ tí gbogbo olùkọ́ máa ń fà yọ lórí èyí ni Subramaniam, tó ti Malaya dé Prífì Káńsù, kóòtù ìkẹyìn fún àwọn ilẹ̀ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ní ìlú Lọ́ńdọ́nù lọ́dún 1956. Wọ́n ká ọta ìbọn mọ́ ọkùnrin náà lọ́wọ́. Ó ní àwọn jàǹdùkú ló mú òun, wọ́n sì halẹ̀ mọ́ òun. Adájọ́ ìsàlẹ̀ ò jẹ́ kó sọ ohun tí wọ́n sọ fún un, ó ní àgbọ́sọ ni. Prífì Káńsù ní rárá o. Kì í ṣe bóyá òótọ́ ni àwọn jàǹdùkú ń sọ lẹ́jọ́ dá lé, bí kò ṣe bóyá wọ́n sọ ọ́, àti bóyá ẹ̀rù rẹ̀ ba ọkùnrin náà.

Ẹ wá gbé e lé orí télọ̀. "Mo gbọ́ tí ìyá ẹlẹ́kọ ń ké Olè! Olè!, mo wá jáde." Tí agbẹjọ́rò ìjọba bá ní ìdí tí télọ̀ fi jí lójú oorun, tó sì fi jáde lóru ni òun fi ń ṣàlàyé, kì í ṣe àgbọ́sọ. Télọ̀ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ igbe. Bí ẹ bá takò ó, olùkọ́ yín á ní kí ẹ jókòó. Àmọ́ "ìyá ẹlẹ́kọ sọ fún mi láàárọ̀ pé olùjẹ́jọ́ ló gbé e", kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ìyẹn ṣe ju kí kóòtù gbà pé olùjẹ́jọ́ ló gbé e? Ibẹ̀ ni kí ẹ ti dìde. Ẹ sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú: ìyá náà ò sí níbí, kò búra, èmi ò sì lè bi í léèrè ibi tó dúró sí.

Màmá Ìbejì

Ẹ ṣé o ẹ̀yin ọmọ mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí rú mi lójú. Nígbà tí a ń ṣẹjọ́ ilẹ̀ bàbá wa ní kóòtù ìbílẹ̀, àbúrò bàbá mi dúró, ó ń ròyìn gbogbo ohun tí bàbá wọn sọ fún wọn kí ó tó kú, ẹni tó tẹ ibẹ̀ dó, igi tí wọ́n gbìn sí ààlà. Lọ́yà kankan ò dìde. A sì borí. Ṣé ó wá túmọ̀ sí pé wọ́n lè wá gba ilẹ̀ yẹn padà lọ́wọ́ wa nítorí àgbọ́sọ?

Lọ́yà Ṣẹ́rí

Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ohun méjì ló yọ yín. Àkọ́kọ́, nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, Òfin Ẹ̀rí kì í de kóòtù ìbílẹ̀ bí kò bá ṣe pé aláṣẹ kan ní kó dè é. Abala 256 ló sọ bẹ́ẹ̀. Èkejì, ká tiẹ̀ ní kóòtù gíga lẹ wà, abala 66 fàyè gba ìtàn tí ẹbí ń jogún lórí ilẹ̀ ẹbí. Ti télọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ yàtọ̀. Ẹjọ́ olè ni, ìtàn ìdílé kankan ò sí níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Pẹ́kámù

Mo ń kọ́ iṣẹ́ lọ́yà lọ́wọ́ ní Lọ́ńdọ́nù níbí. Àbúrò, má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú. Bí o bá ti fi ìwé ọlọ́pàá yẹn han télọ̀, tí ó gbà pé òun ló sọ ọ́, ọ̀rọ̀ inú ìwé náà ti di ẹ̀rí òótọ́ nìyẹn. Kóòtù lè gbà pé iná ò sí lóòótọ́, nítorí pé ó wà nínú ìwé. Abala 119 òfin ìdájọ́ ọ̀daràn ti 2003 ni. Lo ìyẹn.

Lọ́yà Ṣẹ́rí

Ẹ̀gbọ́n Pẹ́kámù, ohun tí ẹ sọ tọ̀nà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ẹ bá fi dáhùn ní Nàìjíríà, òdo ni wọ́n máa fi sí i. Lọ́dọ̀ wa, sítétímẹ́ǹtì ẹlẹ́rìí tó tako ohun tó sọ ní kóòtù kò di ẹ̀rí. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ba ẹnu ẹlẹ́rìí jẹ́. Kóòtù kì í gba ti ìwé, kò sì ní fọkàn tán ti ẹnu mọ́. Nítorí náà, àbúrò, bí o bá ń sọ àsọkágbá rẹ, má sọ pé "sítétímẹ́ǹtì fi hàn pé iná ò sí." Sọ pé "ẹlẹ́rìí yìí ti sọ ohun méjì tí kò lè dúró papọ̀ lórí ohun kan ṣoṣo tó so olùjẹ́jọ́ mọ́ ẹ̀sùn yìí, kí kóòtù má ṣe gbára lé e." Ìyàtọ̀ gbólóhùn méjì yìí gan-an ni olùkọ́ yín ń dán wò.

Ẹ má tún gbé òfin yìí wọ olùjẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ o. Bí olùjẹ́jọ́ bá ti jẹ́wọ́ ní tẹ́ṣàn, tó wá sẹ́ ní kóòtù, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ nínú ẹjọ́ Egboghonome lọ́dún 1993 pé ti ìyẹn yàtọ̀.

Akọ̀wé Kóòtù Tẹ́lẹ̀

Mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé kóòtù, mi ò kàwé òfin, ṣùgbọ́n mo ti jókòó níwájú adájọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí àwọn lọ́yà ọ̀dọ́ kì í mọ̀ ni pé adájọ́ ń fọwọ́ kọ̀wé. Ìbéèrè tó dára, ìdáhùn tó dára, bí kò bá wọ inú ìwé adájọ́, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ máa wo ọwọ́ rẹ̀. Bí gègé bá dúró, kí ẹ tó bi òmíràn. Nínú ìṣẹ́jú 12, ìbéèrè 15 tó ṣe kedere dára ju 40 lọ.

Ẹ tún rántí pé ẹ kì í na ìwé sí ẹlẹ́rìí lójú ara yín. Akọ̀wé lẹ máa fún, akọ̀wé á gbé e fún ẹlẹ́rìí. Mo ti rí lọ́yà tó rìn lọ fi ìwé gún ẹlẹ́rìí nímú, ojú tì í ní kóòtù lọ́jọ́ náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kẹrin

Ẹ ṣeun gan-an ni, bàbá. Lọ́yà Ṣẹ́rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi to ìbéèrè orí ìwé ọlọ́pàá yẹn. Mo ti ka abala 232, mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ pe àkíyèsí ẹlẹ́rìí sí ibi tí mo fẹ́ lò, àmọ́ mi ò mọ ohun tó ń ṣáájú ohun tó ń tẹ̀lé. Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ kọ ni: "Ṣé òótọ́ ni pé o parọ́ fún ọlọ́pàá?"

Lọ́yà Ṣẹ́rí

Pa ìbéèrè yẹn rẹ́. Bí o bá ti fi hàn án pé o ní nǹkan lọ́wọ́, yóò wá ibi sá sí. Kọ́kọ́ dè é mọ́ ohun tó sọ lónìí ná. Kúrọ́ọ̀sì nìyí, abala 221 sì fún ọ láyè láti bi ìbéèrè tó ti gbé ìdáhùn rẹ̀ dání, nítorí náà "àbí?" ni kí o fi parí gbogbo wọn:

"Ẹ sọ fún kóòtù lónìí pé ẹ rí ojú olùjẹ́jọ́, àbí?" Bẹ́ẹ̀ ni.
"Iná gílóòbù ló jẹ́ kí ẹ rí i, àbí?" Bẹ́ẹ̀ ni.
"Bí kì í bá ṣe iná yẹn, ẹ ò ní rí ojú rẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni.

Ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn. Èyí tó kàn ni kí o jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé sítétímẹ́ǹtì náà dára, láìtíì rí i:

"Ọjọ́ kẹta lẹ lọ sí tẹ́ṣàn, ọ̀rọ̀ ṣì tutù lọ́kàn yín?" Bẹ́ẹ̀ ni.
"Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó lágbára ni, ẹ ò sì fẹ́ ṣì í sọ?" Bẹ́ẹ̀ ni.
"Wọ́n kà á padà sí yín létí kí ẹ tó fọwọ́ sí i?" Bẹ́ẹ̀ ni.

Ìgbà yìí ni kí o ní kí akọ̀wé gbé ìwé náà fún un. "Ṣé ìfọwọ́sí yín nìyí?" Ní kí ó wo ìlà tó ní "Kò sí iná" àti ìlà tó ní "Ẹ̀yìn ọkùnrin náà ni mo rí." Èyí ni abala 232 ń béèrè, pé kí o fi ibi náà gan-an hàn án kí o tó mú ìwé wọlé láti fi tako ó. Lẹ́yìn náà, ní kí kóòtù gbà á wọlé, agbẹjọ́rò ìjọba á sọ bóyá òun takò ó, adájọ́ á fi àmì sí i lára, kí o wá ka ìlà méjèèjì sókè jẹ́jẹ́. Ọ̀gbẹ́ni, JÓKÒÓ. Ìbéèrè tó ń pa gbogbo ènìyàn ni "kí ló wá dé tí ẹ fi yí ọ̀rọ̀ padà?" O ti fún un ní àga láti jókòó ṣàlàyé nìyẹn. Yóò ní ìwé yẹn kò yé òun, àbí ọlọ́pàá ń kánjú. Àlàyé yẹn, jẹ́ kí agbẹjọ́rò ìjọba fúnra rẹ̀ wá a nígbà tó bá ń tún un bi.

Akọ̀wé Kóòtù Tẹ́lẹ̀

Ọ̀nà tí mo sábà máa ń rí tí àwọn ẹlẹ́rìí fi ń bọ́ lọ nìyí: "Yorùbá ni mo sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni ọlọ́pàá kọ." Ẹni ọdún kẹrin, wo sítétímẹ́ǹtì yẹn dáadáa, èdè wo ni wọ́n fi kọ ọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kẹrin

Háà. Gẹ̀ẹ́sì ni. Mo fi Yorùbá kọ ọ́ síbí fún yín ni. Ó sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ pé ọlọ́pàá kan ló ṣe ògbufọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ó tán nìyẹn! Ìwé tirẹ gan-an ti di àgbọ́sọ. Bí wọn ò bá pe ògbufọ̀ wá, ìwé tí wọ́n tipasẹ̀ ògbufọ̀ kọ kì í wọlé. Mo ti rí i bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ tí ìwé ìjẹ́wọ́ ti dákú torí pé wọn ò pe ògbufọ̀.

Lọ́yà Ṣẹ́rí

Ẹ gbá a mú lọ́tẹ̀ yìí, Ọmọ Ìjẹ̀bú, ó tọ́ kí ọmọ yìí gbọ́. Àmọ́ ìwé ìjẹ́wọ́ ni ẹ rí, wọ́n mú un wá láti fi hàn pé ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ti télọ̀ yìí, a ò bìkítà bóyá iná wà tàbí kò sí. Pé ó sọ ọ́ la fẹ́. Nítorí náà, èmi á sọ fún adájọ́ pé kì í ṣe àgbọ́sọ. Bí télọ̀ bá gbà pé bẹ́ẹ̀ lòun sọ, kò sí wàhálà. Bí ó bá ní òun ò sọ ọ́, ògbufọ̀ ló ṣì í kọ, níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yín ti wọlé, nítorí ta ló máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó sọ ọ́?

Ìdí nìyẹn tí o fi gbọ́dọ̀ dí ihò yẹn ṣáájú. Fi ìbéèrè méjì kún èyí tí mo kọ: "Ọlọ́pàá tó ṣe ògbufọ̀ gbọ́ Yorùbá dáadáa, ẹ yé ara yín?" àti "Yorùbá ni wọ́n fi kà á padà sí yín?" Bí ó bá ti dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí méjèèjì kó tó mọ ibi tí o ń lọ, àtisá rẹ̀ ti há.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Mi ò tíì gbà pátá o. Adájọ́ tó le lè ní kí ẹ pe ògbufọ̀ náà ni.

Lọ́yà Ṣẹ́rí

Ó lè ní bẹ́ẹ̀, mi ò ní jà yín níyàn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kẹrin

Ti ìwà rẹ̀ ńkọ́? Ṣé kí n bi í nípa aṣọ tí wọ́n jí yẹn? Abala 223 ní mo lè bi í ní ìbéèrè tó máa ba ìwà rẹ̀ jẹ́ kí wọ́n má gbà á gbọ́.

Lọ́yà Ṣẹ́rí

O lè bi í, ṣùgbọ́n wo abala 225: o gbọ́dọ̀ ní ìdí tó dúró kó o tó bi í. Ọlọ́pàá mú un, wọ́n fi í sílẹ̀, wọn ò gbé e lọ sí kóòtù. Kí nìyẹn fi hàn? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ọlọ́pàá ń mú ní Nàìjíríà. Agbẹjọ́rò ìjọba á dìde, adájọ́ á sì gbà fún un. Ká tiẹ̀ ní ó jẹ́ kí o bi í, bí télọ̀ bá ní "rárá", ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Abala 229 ò ní jẹ́ kí o mú ẹlẹ́rìí mìíràn wá láti fi hàn pé ó parọ́, àfi bí kóòtù bá ti dá a lẹ́bi rí. Ìṣẹ́jú rẹ ti lọ, ọwọ́ rẹ ò sì kan nǹkan kan.

Owó ìránṣọ ni ọjà tó wà lọ́wọ́ rẹ. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà, ìdí tí ó fi lè kórìíra olùjẹ́jọ́ ni. Bí ó bá sẹ́, abala 229 kan náà gbà ọ́ láyè láti mú ẹ̀rí wá pé ó ń ṣe ègbè. Bi í ní ṣókí: "Olùjẹ́jọ́ jẹ yín lówó?" "Ẹ ti bá a jà lórí rẹ̀?" "Kò tíì san án títí di òní?" Parí sí ibẹ̀, má ṣe fi kún un pé "ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń parọ́ mọ́ ọn." Adájọ́ ti gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n Pẹ́kámù

Mo gba ti abala 119 yẹn, mo ti kẹ́kọ̀ọ́. Àmọ́ mo ní ìbéèrè kan. Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ takò ọ̀rọ̀ ìyá ẹlẹ́kọ nígbà tí ẹlẹ́rìí ń sọ ọ́? Bí ẹ̀rí kan bá jẹ́ èyí tí òfin ò gbà rárá, ṣebí adájọ́ lè pa á rẹ́ nígbà ìdájọ́, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ takò ó? Kó dákẹ́, kó má pe àkíyèsí sí i.

Lọ́yà Ṣẹ́rí

Ní kóòtù gidi, mo mọ àwọn àgbà lọ́yà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi kì í ṣe é, nítorí mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jókòó sí etí adájọ́ fún oṣù mẹ́ta. Nínú ìdánwò, ẹni tó dákẹ́ kò ní máàkì.

Akọ̀wé Kóòtù Tẹ́lẹ̀

Kó dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sọ ọ́ tán, kó jókòó. Àwọn adájọ́ mi fẹ́ràn ìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kẹrin

Ẹ káalẹ́ o. Mo ti ṣe é, mo padà wá jíṣẹ́.

Mo jẹ́ kí "Olè! Olè!" kọjá. Nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ àárọ̀, mo dìde, mo sì ṣàlàyé, olùkọ́ gba àtakò mi. Agbẹjọ́rò ìjọba ní ìtàn lásán lòun fi ń sọ, olùkọ́ bi í pé "ìtàn kí ni?", kò rí nǹkan sọ.

Ti ìwé ọlọ́pàá lọ dáadáa títí mo fi ní "Yorùbá ni wọ́n fi kà á padà sí yín?" Ẹlẹ́rìí wò mí, ó ní: "Wọn ò kà á padà fún mi rárá." Ó jọ pé ó wà nínú ìwé tí wọ́n fún un. Mo dúró bí ẹni tí omi dé sí lẹ́nu. Mo kàn bi í bóyá ìfọwọ́sí rẹ̀ nìyí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì fi ìlà méjèèjì hàn án. Ó ní òun ò rántí pé òun sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí kóòtù gbà á wọlé, agbẹjọ́rò ìjọba takò ó lórí ọ̀rọ̀ ògbufọ̀, gẹ́gẹ́ bí Ọmọ Ìjẹ̀bú ṣe sọ. Mo fèsì pé kì í ṣe òótọ́ inú rẹ̀ ni mo fẹ́ fi hàn. Olùkọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun yóò sọ èrò òun nígbà tí máàkì bá jáde.

Ti owó ìránṣọ, ó gbà gbogbo rẹ̀ láìjanpata.

Kí ni ó yẹ kí n ti ṣe nígbà tó ní wọn ò kà á padà?

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Mo sọ ọ́!

Lọ́yà Ṣẹ́rí

O gbìyànjú, kò burú. Èmi ò bá ti bi í léèrè pé: "Ẹ fọwọ́ sí ìwé tí ẹ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, lórí ẹjọ́ olè?" Èyíkéyìí tó bá dáhùn, ó ṣe wá láǹfààní. Àmọ́ bóyá ìwé náà wọlé tàbí kò wọlé, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ìwọ ṣáà bá wa gbé èsì olùkọ́ wá síbí.